Áàpù ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìdánrawò sínú kàlẹ́ńdà: ohun tí mo rí nínú rẹ̀

Ìdí tí mo fi sanwó áàpù yìí ni pé kì í fi ìdánrawò sílẹ̀ títí èèyàn á fi kàwé tán. Bí o bá ti kọ ọjọ́ ìdánwò rẹ sí i, á fi ìdánrawò kan sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á sì di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé. Agogo tí ìdánwò gan-an máa bẹ̀rẹ̀ ló ń fi í sí, kò sì sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dá aago dúró. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, torí ẹni tó bá ń dá aago dúró kò lè mọ bí ọwọ́ òun ṣe yá tó.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ wà. Áàpù náà kì í fi ẹ̀kọ́ tuntun sí ọjọ́ yẹn, àtúnyẹ̀wò nìkan ni. Ẹ wo ìdánrawò ìṣirò kan: ìbéèrè 60, ìṣẹ́jú 90, ìyẹn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mo gba 44. Nínú 16 tó lọ, mẹ́rin tó kẹ́yìn ni mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn. Áàpù náà máa ń ṣírò àkókò tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbà, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìbéèrè 41 gba ìṣẹ́jú méje ààbọ̀. Yọ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tirẹ̀ kúrò, mẹ́fà tó kù ni àkókò ìbéèrè mẹ́rin gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìlo aago, mo gbà wọ́n. Kì í ṣe ìwé ni mo nílò níbẹ̀, òfin ni: bí ìbéèrè bá ti gba ìṣẹ́jú méjì, sàmì sí i, kọjá lọ. Márùn-ún mìíràn jẹ́ èyí tó béèrè ohun tí “kò” rí bẹ́ẹ̀, tí mo mú èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Méje péré ni mi ò mọ̀ ní tòótọ́, àwọn nìkan ló sì wọ ètò ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, á tún gbé àwọn ìbéèrè tí mo kùnà wá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, débi pé lẹ́tà ìdáhùn ni èèyàn á rántí, kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀. Mo máa ń kọ ìdí ìdáhùn sórí pépà kí n tó tẹ ohunkóhun. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ohun tí mo méfò tó bọ́ sí i, ó kà á sí ohun tí mo mọ̀. Bí ìdáhùn mẹ́rin bá wà, ẹni tó bá dijú mú ọ̀kan á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ìbéèrè náà. Nítorí náà, mo máa ń sàmì sí gbogbo èyí tí kò dá mi lójú, kí n lè yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú àwọn tí mo kùnà. Àmọ́ áàpù náà kì í kó àwọn àmì yẹn jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń wá wọn. Kí àwọn tó ṣe é jọ̀wọ́ tún ibẹ̀ ṣe.