Àgbéyẹ̀wò: ejẹ́ńtì tó bá mi kó òrí àti igbá láti Ìbàdàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ejẹ́ńtì yìí tí ọ́fíìsì wọn wà ní Ṣálẹ́ńjì. Màá sọ ibi tí ìkan tó kù bọ́ sí.

Ìbéèrè wọn ló kọ́kọ́ wù mí. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí Wátísáàpù pé páálí 14 ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Arábìnrin tó dá mi lóhùn ò tíì dá iye owó kankan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e lé síkéèlì."

Òrí ló wà nínú páálí mẹ́wàá, kílò 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Igbá fínfín ló wà nínú mẹ́rin yòókù. Kílò 6 péré ni páálí igbá kan, ṣùgbọ́n ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 50, ó ga ní 40. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ òfurufú máa ń gba owó àyè bí ẹrù bá fúyẹ́ tó sì tóbi. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́nà ara wọn, ẹ fi 6,000 pín in, 20 ló máa jáde. Owó kílò 20 nìyẹn lórí igbá oníkílò 6! Páálí òrí, 40 lọ́nà 40 lọ́nà 30, àyè rẹ̀ ò ju 8 lọ, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ gan-an ni wọ́n á kà. Ká ní mo fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kílò 280 ni ǹ bá san. Arábìnrin yìí ní ká kó gbogbo rẹ̀ sórí wébììlì kan ṣoṣo. Àpapọ̀ àyè wá di 160, àpapọ̀ ìwúwo 224, 224 náà ni mo san. Ejẹ́ńtì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ò sọ ọ́ fún mi rí, bóyá kò mọ̀, bóyá ó sì mọ̀ dáadáa.

Ní ti ìgbà tí wọ́n á wá gbé e, aago 5 sí 7 ìrọ̀lẹ́ ni mo sọ. Ooru ọ̀sán lè yọ́ òrí sínú páálí, mo fẹ́ kí ó gba ọ̀nà Èkó lóru. Wọ́n bi mí bóyá ọkọ̀ ńlá lè wọ àdúgbò wa ní Bẹẹrẹ (kò lè wọ̀ ọ́), ta ni wọ́n á bá níbẹ̀, kí sì ni nọ́ńbà fóònù ẹni náà. Wọ́n tún sọ fún mi tààrà pé yàrá tútù ní pápákọ̀ òfurufú lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn á kúkú duro títí ọkọ̀ òfurufú á fi ní ọjọ́ pàtó kí àwọn tó wá kó ẹrù, kó má baà jókòó sí sítóò.

Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Mo kọ ọ́ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n má gbé nǹkan kan lé igbá. Dírẹ́bà ò gbọ́ ọ. Ó ti gbé páálí òrí kan lé e lórí kí ọmọṣẹ́ mi tó figbe ta. Ẹ lẹ ìkìlọ̀ yín mọ́ ara páálí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí dírẹ́bà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fi àyè ìkìlọ̀ kún ìwé tí dírẹ́bà ń mú dání. Bí mo bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀, màá fi máàkì karùn-ún kún un.