Ìjàpá jẹ àkàrà tán, wọ́n wá fi ìwàásù parí ẹ̀: àgbéyẹ̀wò mi nípa àwọn tó bá mi kọ ìwé eré kátúùn

Ojú ewé tó kẹ́yìn ló bí mi nínú, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Mo sanwó pé kí wọ́n bá mi kọ ìwé eré kátúùn, síkírípìtì làwọn ń pè é, fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6, eré ìṣẹ́jú 5. Ìjàpá, Yánníbo, Ajá, Adìyẹ àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn kan náà la ó sì máa rí nínú gbogbo eré tó bá tún ń bọ̀. Ìtàn yẹn ò burú rárá. Yánníbo dín àkàrà, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó lọ pọnmi, Ìjàpá jẹ ẹ́ tán pátá, ó wá ń sọ pé Ajá ló jẹ ẹ́. Mò ń kà á bọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo dé ìparí tí Apàlọ́ yọjú, ló bá ní: "Ẹ̀yin ọmọdé, ìtàn yìí kọ́ wa pé ọ̀kánjúwà kì í jẹ́ kí èèyàn níyì láwùjọ, irọ́ pípa a sì máa ba ìbágbépọ̀ àlàáfíà jẹ́." Ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ìlà 11! Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún 4 wo ló mọ ohun tó ń jẹ́ ìbágbépọ̀ àlàáfíà?

Ẹni tí ò bá ṣe kátúùn rí lè rò pé mò ń ṣe àṣejù. Mo ka ìlà 11 yẹn sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí èèyàn á ṣe kà á fọ́mọdé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odindi ìṣẹ́jú kan. Nínú eré ìṣẹ́jú 5 o! Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú èèyàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn tó ń yà á sì sábà máa ń fi àwòrán kan rọ́pò méjì, ìyẹn ni pé wọ́n á ya 12. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó di 720, tí ẹnì kankan ò gbé ẹsẹ̀, ẹnu Apàlọ́ nìkan ló ń mì. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ti dín làálàá ẹ̀ kù, ẹnu nìkan lèèyàn lè máa pààrọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wò ó á ti dìde lọ wá omi mu. Àbúrò mi tó ń bá mi ya àwòrán kà á, ó gbójú sókè, ó ní "Àǹtí mi, kí wá ni kí n yà síbí?"

Mo bá kọ̀wé sí wọn lórí Wọ́ọ̀sáàpù láàárọ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa," ẹ̀rọ ló fèsì yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin kan tó dáhùn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Gbogbo àlọ́ ló gbọ́dọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ mà." Ah! Ṣé wọn ò pàlọ́ fún èmi náà ni? Mo ní ẹ̀kọ́ kọ́ ni mo ní kí wọ́n yọ, ẹ jẹ́ kó wà nínú ohun tí Ìjàpá ṣe, kí wọ́n má fi ẹnu sọ ọ́ fún wa. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tí ìwé padà dé, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n yọ ìlà kan. Ó ku 10. Ó tún wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àtúnṣe kan ṣoṣo ló wà nínú owó tí mo san, ìkejì máa jẹ́ ₦10,000 mà. Mo fi ohùn ránṣẹ́, ohùn tó gùn dáadáa, ó gbọ́ ọ, ó dákẹ́. Èmi náà jókòó, mò ń wo fóònù.

Ọjọ́ kejì ni nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Bàbá kan ni, òun gan-an ló ń kọ ọ́, ohùn ẹ̀ balẹ̀. Mo ní ẹ káàárọ̀ sà, mo ṣì ń ronú ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ìjà, ó bi mí pé "Ìyáàfin, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé Ìjàpá ló jẹ àkàrà?" Mo ní Yánníbo kẹ̀. Ó ní rárá o, àwọn ọmọ tó ń wòran ni, kí Yánníbo tó mọ̀ rárá. Ó ní tọ́mọ bá ti mọ àṣírí tí àgbà inú eré ò mọ̀, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, á máa pariwo. Lójú ẹsẹ̀ ni ìbínú mi ti ń rọlẹ̀, ká má parọ́.

Ó tún un kọ. Nínú ti tẹ́lẹ̀, Yánníbo ń sọ pé "ìwà ọ̀kánjúwà yín ti kó àbùkù bá ìdílé wa." Nínú tuntun, epo wà lẹ́nu Ìjàpá láti ìgbà tó ti jẹun, kamẹ́rà sún mọ́ ọn, kò nù ún, ó ń rìn kiri pẹ̀lú ẹ̀. Yánníbo wá ń kọrin láti ilé dé ilé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta:

"Àkàrà mi dà, àkàrà mi dà?"
"Àkàrà ò lẹ́sẹ̀, kò lè dá rìn!"

Tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ ti mọ ègbè, wọ́n á gbà á lẹ́nu ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá wojú ọkọ ẹ̀, ó ní "Ọkọ mi, ẹnu yín ń dán o." Ó tán. Gbólóhùn kan, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tọ́mọ ọdún 3 ò gbọ́ rí.

Ìparí ńkọ́? Ilẹ̀ mọ́, Yánníbo tún dín àkàrà, kálukú gba ẹyọ kan, àmọ́ Ajá ò wá, torí wọ́n ti purọ́ mọ́ ọn. Ìjàpá mú tiẹ̀, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà Ajá, ó pín in sí méjì, ó wo apá tó tóbi, ó gbé itọ́ mì, ó nà án sí Ajá. Ajá ní "Ẹnu yín ò dán lónìí." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Apàlọ́ ò sọ nǹkan kan.

A fi àwòrán tí a ò tíì kùn dán an wò fún àwọn ọmọ àdúgbò. "Epo! Epo ń bẹ lẹ́nu ẹ̀!" ni wọ́n ń pariwo, mi ò gbọ́ ohùn tá a gbà sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ní "Ṣé kò ní bẹ Ajá ni?" Òótọ́ ni, Ìjàpá pín àkàrà, kò bẹ̀bẹ̀. Mo pe Bàbá, ó rẹ́rìn-ín, ó fi "Ajá, jọ̀ọ́, má bínú" kún un. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ́fíìsì gba ₦10,000 wọn ṣá! Wọ́n tún fi rìsíìtì ránṣẹ́ kíákíá, àwọn tí ìwé gan-an pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Eré kejì wá dé, Adìyẹ tó máa ń fà á sọ̀rọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ ti ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà, ọmọ ẹ̀ kan sì ń pe àgbàlagbà ní "ìwọ Ìjàpá", ọmọ tèmi á gbọ́ ìyẹn, á lọ pe bàbá onílé wa bẹ́ẹ̀! Wọn ò ní ìwé kankan tí wọ́n kọ ìṣe àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sí. Èmi ni mo kọ ọ́ fún wọn, ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù, bó ṣe ń pe àwọn àgbà. Bàbá ní kí n jẹ́ kí ìwé náà wà lọ́dọ̀ àwọn.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Síbẹ̀, mo ti sanwó eré mẹ́ta míì. Tí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ má bá ọmọ Wọ́ọ̀sáàpù jiyàn, Bàbá ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì ka ojú ewé tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó ní ó dáa.