Lẹ́tà fún Fífín: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Fín Orúkọ sára Pátákó Ìrántí, Ife Ẹ̀yẹ tàbí Òrùka

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fín orúkọ sára irin sábà máa ń yan lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí gbogbo lẹ́tà ti tóbi tí wọ́n sì dúdú dáadáa. Àmọ́ bí a kò bá fi ọ̀dà kún lẹ́tà tí a fín, òjìji inú kòtò rẹ̀ nìkan ni ojú ń rí, bí kòtò náà kò bá sì jìn, kò ní sí òjìji kankan. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí olùrajà wò lára lẹ́tà ni bí ìlà rẹ̀ tó tínrín jù lọ yóò ṣe fẹ̀ tó ní ìwọ̀n tí wọ́n máa fín in gan-an.

Ẹnu abẹ tí ẹ̀rọ fi ń gbẹ́ irin rí ṣóńṣó, ojú kòtò a sì máa fẹ̀ sí i bí abẹ náà bá ṣe ń wọlẹ̀ sí. Bí igun ẹnu abẹ bá jẹ́ 90 digírì, ìlà tó fẹ̀ tó mìlímítà 0.6 yóò jìn tó mìlímítà 0.3, ṣùgbọ́n ìlà tó fẹ̀ tó 0.1 kò ní jìn ju 0.05 lọ. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n máa ń pọ́n ṣóńṣó ọ̀pọ̀ abẹ di pẹlẹbẹ díẹ̀ kí ó má baà tètè ṣẹ́. Bí pẹlẹbẹ yẹn bá fẹ̀ tó 0.25, abẹ náà kò lè gbẹ́ ìlà kankan tó tínrín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yálà kí ẹ̀rọ fo ìlà náà, tàbí kí ó gbẹ́ ẹ nípọn ju bí ẹni tó ya lẹ́tà náà ṣe fẹ́.

Oríṣi mẹ́rin lórí àwo idẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú àwo idẹ kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí ife ẹ̀yẹ, tí ó gùn tó mìlímítà 80, tí ó sì fẹ̀ tó 25. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ga tó mìlímítà 5, orúkọ ìdíje àti ọdún sì ga tó mìlímítà 3.

Èkíní ni lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ bíi Bodoni, èyí tí ìlà rẹ̀ kan nípọn gan-an tí èkejì sì tínrín bí irun, tí ẹsẹ̀ kéékèèké orí àti ìdí ìlà rẹ̀ náà sì tínrín bákan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lẹ́wà púpọ̀. Lórí àwo wa, ìlà nínípọn lára orúkọ lè fẹ̀ tó mìlímítà 0.7, nígbà tí ìlà tínrín kò ní ju 0.1 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé abẹ 90 digírì yóò wọlẹ̀ tó 0.35 níbì kan, yóò sì kàn ha ojú idẹ lásán níbòmíràn. Ẹ wo lẹ́tà N nínú irú èyí: ìlà méjèèjì tó dúró ṣánṣán ló tínrín, èyí tó dà gbọ̀ọ̀rọ̀ láàárín ló nípọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dán idẹ náà ní ìgbà mélòó kan, ìlà tó dà gbọ̀ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò kù, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀ pé N ni. Ní ti ìlà ọdún tó ga tó mìlímítà 3, èmi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó rárá.

Èkejì ni Copperplate Gothic, tí Frederic Goudy yà ní 1901, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń yàn nítorí pé ó jọ iṣẹ́ afínlẹ́tà. Ìlà rẹ̀ nípọn dọ́gba, ìyẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí lẹ́tà bá ga tó mìlímítà 3, ṣóńṣó abẹ lè gbé ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn mì pátápátá. Ìkángun ìlà yóò wá rí roboto, ohun tí a tìtorí rẹ̀ yàn án yóò sì ti lọ. Lẹ́tà náà ṣì ṣeé kà, nítorí náà kò burú. Ó kàn jẹ́ pé lẹ́tà aláìlẹ́sẹ̀ ni olùrajà gbà.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù fún orúkọ lórí àwo bí èyí: lẹ́tà tí kò ní ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń sún mọ́ ìkángun. Optima ni a mọ̀ jù nínú wọn. Ara lẹ́tà tí Hermann Zapf, ẹni tó yà á, rí lórí òkúta ibojì nínú ìjọ Santa Croce ní Florence ní 1950 ló ti mú èrò rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n fi gbẹ́ orúkọ àwọn ológun sára ògiri ìrántí ogun Vietnam ní Washington ní 1982. Ìlà rẹ̀ tó tínrín jù kò jìnnà púpọ̀ sí èyí tó nípọn, nítorí náà kòtò rẹ̀ ń jìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún ní ọlá tí àwọn ènìyàn ń wá lára lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni lẹ́tà onílà kan, tí abẹ máa ń tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí fífẹ̀ abẹ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ fífẹ̀ ìlà. Kò lẹ́wà tó àwọn yòókù, ṣùgbọ́n fún ìlà mìlímítà 3 òun ló dára jù, nítorí pé gbogbo apá rẹ̀ jìn dọ́gba. Kí ẹ kíyè sí i pé lẹ́tà kọ̀ǹpútà lásán kì í ṣe onílà kan: etí ìlà ní ọ̀tún àti ní òsì ni ó ní. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ láìsọ fún un pé kí ó gbẹ́ inú rẹ̀, etí méjèèjì ni yóò tọ̀, lẹ́tà yóò sì jáde ní òfìfo.

Ti lésà àti ti òrùka

Àwọn kan á ní lésà, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ fín irin dípò abẹ, ti yanjú gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé lésà lè ya ìlà tó tínrín ju èyí tí abẹ lè gbẹ́ lọ, nítorí náà ẹsẹ̀ kéékèèké kò ní sọnù lọ́jọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lésà lára irin kàn ń pa àwọ̀ ojú irin dà ni, kòtò rẹ̀ kò jìn. Fún pátákó tí ọwọ́ kì í kàn, ìyẹn tó. Fún òrùka, tí awọ ara àti ọṣẹ ń ha lójoojúmọ́, tí alágbẹ̀dẹ wúrà sì ń dán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó: ẹ bèèrè fún fífín jíjìn, kí ẹ sì gba lẹ́tà aláìlẹ́sẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣí gbayawu. Lẹ́tà inú òrùka kì í sábà ga ju mìlímítà 2 lọ, ojú inú *e* àti *a* sì máa ń dí bí lẹ́tà bá há. Lẹ́tà àfọwọ́kọ tí ń so mọ́ra tún burú jù níbẹ̀, nítorí pé ibi tí ìlà ti ń kọjá lórí ara wọn ló kọ́kọ́ ń dí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá sí ìdí òrùka, ní òdìkejì òkúta rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gé bí wọ́n bá fẹ́ sọ òrùka di ńlá tàbí kékeré.

Bí orúkọ bá ní àmì lókè tàbí nísàlẹ̀, àmì yẹn ni ìlà tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà, kò sì gbọ́dọ̀ tínrín ju ìlà lẹ́tà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín Ẹ, Ọ tàbí Ṣ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé bí ògiri irin tó wà láàárín kòtò méjì bá tínrín jù, yóò ya, àmì yóò sì di ara lẹ́tà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí afínlẹ́tà fín orúkọ náà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an sórí àfikù irin kan náà. Ẹ gbé e dàgẹ̀rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi èékánná gba orí ìlà tó tínrín jù kọjá. Bí èékánná kò bá kọ́ sínú kòtò náà, ọ̀dà kò ní dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń nù ún, ìlà náà ni yóò sì kọ́kọ́ parẹ́. Ẹ ní kí ó lo lẹ́tà tó nípọn sí i nínú ìdílé kan náà, tàbí kí ó mú orúkọ náà ga sí i kí ó sì dín ọ̀rọ̀ tó yí i ká kù.