Àgbéyẹ̀wò: Áàpù ìṣètò iṣẹ́ tó ka àga tó ń gbẹ mọ́ àga tí à ń fín

Àga ìjẹun 24 ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ náà wọlé, oníbàárà sì fẹ́ gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. A tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù tí à ń lò fún ètò iṣẹ́ káfíńtà wa, a fi í ṣe iṣẹ́ kánjúkánjú, ló bá ti gbogbo iṣẹ́ yòókù sẹ́yìn. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù tó yẹ kó wọ yàrá tí a ti ń fín fáníìṣì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, áàpù sì fi àwọ̀ pupa kùn wọ́n pé wọ́n ti pẹ́. Inú bí mi gidi, torí ẹni tó bá yọjú sí yàrá náà lásán á rí i pé àyè wà níbẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Àga kan ń gba ìṣẹ́jú 10 láti fín lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà 24 á gba wákàtí 4. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń fín in. Fáníìṣì wa ń fẹ́ wákàtí 4 kó tó gba ìfín kejì, ó sì ń fẹ́ 12 lẹ́yìn ìfín kejì kí a tó lè dì í. Áàpù yìí ro fífín àti gbígbẹ pọ̀, ó rí wákàtí 24, ó pín in sí wákàtí 8 tí à ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ó wá fi yàrá náà ti àga mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ fi ṣú. Gbogbo àsìkò tí ènìyàn fi ń fín nǹkan níbẹ̀ kò ju wákàtí 8 lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn ní ká yọ áàpù kúrò ká tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà. A ṣe é, kò yàtọ̀. Ẹnì kejì ní ká yí yàrá fífín sí `Infinite`. Gbogbo pupa parẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ọjọ́ Ìṣẹ́gun wò, iṣẹ́ wákàtí 12 ló kó lé yàrá tí kò ní ju 8 lọ. Ohun tí `Infinite` túmọ̀ sí nìyẹn: áàpù ò ní ka ààyè mọ́, gbogbo ọjọ́ tí ó bá sọ fún oníbàárà á kàn dára lójú ni. Kí òṣìṣẹ́ tó ní ká tẹ̀ ẹ́ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Arábìnrin kẹta ni Ọlọ́run fi ràn wá lọ́wọ́. Kò tíì ní ká tẹ ohunkóhun tó fi béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ kọ wákàtí gbígbẹ sí?” Inú `Run` ló wà, pẹ̀lú wákàtí fífín. Ó ní ohun tó bá wà ní `Run` ń jẹ àyè yàrá, aago iṣẹ́ ló sì ń tẹ̀ lé, nítorí náà tí a bá ti ilẹ̀kùn ní agogo 4, áàpù á gbà pé gbígbẹ náà dúró. `Wait` kì í jẹ àyè, ó sì ń ka òru mọ́ ọn. Ó ní ká pín fífín sí ìpele méjì, ká kọ 4 sí `Wait` ìpele kìíní, ká kọ 12 sí ti èkejì, ká sì dá yàrá náà padà sí `Finite`. Ó tún kìlọ̀ pé ìwé iṣẹ́ tó ti jáde kò ní yí padà, torí ó ti da ìlànà àtijọ́ kọ. A fagi lé ti àga, a sì ṣe òmíràn.

Bó ṣe jáde nìyí: ìfín kìíní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 8 sí 12. Ìfín kejì Ọjọ́rú, agogo 8 sí 12. Ó gbẹ tán láàárín òru, a sì lè dì í láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ méjèèjì ṣófo, Ọjọ́bọ̀ ṣófo látòkè délẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì padà sí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó wà tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe arábìnrin náà padà láti dúpẹ́.

Àmọ́ ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò bá ní pẹpẹ tí àga á ti gbẹ níta yàrá, níbi tí eruku pákó ò dé. Tí àga bá ń gbẹ síbi tí ẹ ti fín in, ó gba àyè lóòótọ́, `Run` ló sì yẹ kó wà.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Tí iṣẹ́ kánjúkánjú bá wọlé, áàpù yìí ń ti iṣẹ́ tó ti gba ìfín kìíní náà sẹ́yìn, àfi tí a bá tì í pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnì kan tó lè ti gbogbo iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ pa kò sí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. A ti san owó ọdún tó ń bọ̀.