Bí mo ṣe tọ́jú owó gìlótíìnì mi fún oṣù méjì: fíìsìdì àti mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Lágéré, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá owó gìlótíìnì, ẹ̀rọ tí à ń kó òkìtì ìwé sí lábẹ́ tí yóò gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbàkígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá ti ń di ìwé àṣejáde wọn, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni mo máa ń ru ìwé lọ láti gé, tí mà á sì tò sórí ìlà. Nígbà tí àjọ kàn mí, tí kọ̀ọ́pù náà sì fún mi ní tiwọn, mo ní ₦3,500,000 lọ́wọ́. Ẹni tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé ní Ṣómólú ní ₦3,300,000 lòun máa ta á, àti pé ẹrù òun á gúnlẹ̀ lóṣù mẹ́ta. Ìyókù, mo fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ tí yóò gbé e wá.

Oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù kí irú owó bẹ́ẹ̀ jókòó lásán nínú àkáǹtì tí káàdì mi wà lára rẹ̀. Mo pín in sí méjì. Mo fi ₦2,000,000 sí fíìsìdì, owó tí báńkì ń tì pa títí ọjọ́ tí a dá fún un yóò fi pé, ní báńkì tí mo ti ń bá ṣe tẹ́lẹ̀, fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Mo fi ₦1,500,000 sí mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn bójú tó owó. Ọjọ́ kan náà ni mo fi méjèèjì sí i.

Báńkì ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún làwọn ń san. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe: iye ọdún kan gbáko nìyẹn. Fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, èlé ₦2,000,000 jẹ́ ₦78,904. Ìjọba á yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún owó-orí kí ó tó kàn ọ́, ó wá ku nǹkan bí ₦71,000. Owó yẹn kì í yí padà, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀ lọ́jà owó. Mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì kò ṣèlérí iye kan. Wọ́n ń kó owó gbogbo wa pọ̀, wọ́n ń fi ra tírẹ́ṣúrì bíìlì tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó, ìwé gbèsè kúkúrú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n sì ń fi apá kan sí fíìsìdì ní báńkì. Ohun tí ìwọ̀nyí bá mú wá lójúmọ́ ni wọ́n ń pín, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó iṣẹ́ tiwọn. Nígbà tí mo wọlé, èrè rẹ̀ lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún; kí oṣù méjì tó pé, ó ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i.

Mo ti ní in lọ́kàn pé fíìsìdì á pé lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ bá dé. Àfi bó ṣe di alẹ́ Ọjọ́rú kan, ọgọ́ta ọjọ́ péré lẹ́yìn tí mo fi owó sí i, tí fóònù mi dún. Ẹni Ṣómólú ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹrù ti dé o. Ẹlòmíràn ti ń wò ó. Tí ẹ bá fi ìdajì ránṣẹ́ lọ́la, mà á dì í mú fún yín títí di Mọ́ńdè.”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kí mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì dá gbogbo owó mi padà. Ọ̀sán ni wọ́n ń ti ìwé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ka ìbéèrè mi sí. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ lowó wọlé, àárọ̀ Mọ́ńdè nìyẹn, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ bọ́ sáàárín. Ká ní ọdún Iléyà ni, tí ìjọba sì fún wa nísinmi ọjọ́ méjì, ǹ bá ti pàdánù ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gé kọ́bọ̀ lára rẹ̀: owó mi pé, pẹ̀lú èrè tó lé díẹ̀ ní ₦49,000. Kìkì ẹni tó bá yọ owó kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́ ni ilé-iṣẹ́ tèmi máa ń gé nínú èrè rẹ̀, mo sì ti kọjá ibẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wà ní báńkì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi.

“Dádì, kò tíì pé o. Tí ẹ bá fọ́ ọ lónìí, ìdajì èlé tó ti wọlé la máa yọ.”

Ó fi hàn mí nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, létí ìsàlẹ̀, lẹ́tà wínníwínní. Mi ò kà á lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i, ó sì dùn mí wọra. Èlé ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta jẹ́ ₦53,479. Wọ́n yọ ìdajì, wọ́n yọ owó-orí lára ìyókù, ₦24,066 ló kù fún mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ tó kù pẹ̀lú: kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ₦2,000,000 ti wà nínú àkáǹtì mi, òun ni mo fi dá ẹ̀rọ náà dúró. Mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe ìyẹn fún mi.

Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo mú bírò, mo tún un ṣírò. Báńkì náà ń san ìdá 14 fún fíìsìdì ọgbọ̀n ọjọ́. Ká ní mo mú un, tí mo sì ń sọ ọ́ dọ̀tun, ọgbọ̀n ọjọ́ kejì ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ní Ọjọ́rú yẹn gan-an, ǹ bá sì ti gba nǹkan bí ₦41,400 lẹ́yìn owó-orí. Ó kéré sí 16 lójú ìwé, síbẹ̀ ó fi ₦17,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ohun tí mo gbà. Ẹ má sì rò pé nítorí pé ọjọ́ bá a mu ni. Kódà ká ní ọjọ́ karùndínlọ́gọ́rin ló pè mí, èlé ọgbọ̀n ọjọ́ kẹta nìkan ni wọn ì bá gé. Ti méjì àkọ́kọ́ ti wà lápò mi. Nínú àádọ́rùn-ún ọjọ́ ẹlẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀bẹ kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é báyìí gbọ́dọ̀ kíyè sí ibì kan nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tí ọjọ́ bá pé. Tí o bá fi í sílẹ̀ lófìfo, báńkì lè sọ owó àti èlé dọ̀tun fúnra wọn, wàá sì tún wà nínú gbèdéke mìíràn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà sí àkáǹtì rẹ.

Lórí ààbò, tí báńkì bá wó, àjọ NDIC ń dúró fún owó tó bá wà ní báńkì ńlá títí dé ₦5,000,000 láti ọdún 2024, fíìsìdì sì wà lára rẹ̀. Ààbò yìí kò dé ọ̀dọ̀ mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ olùtọ́jú ọ̀tọ̀ ni àwọn ìwé owó náà wà, kì í ṣe ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó náà, àjọ SEC sì ni ó ń fún wọn níwèé àṣẹ. Mo wo orúkọ tiwọn nínú àkójọ SEC kí n tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mi ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fo ibẹ̀ dá.

Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ san owó ilẹ̀ ní Módákẹ́kẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ náà sì wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà. Mo ní kó mú fíìsìdì tí yóò pé lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹ̀rọ ìdìwé jọ báyìí, ẹni Ṣómólú náà ló sì mọ ọjọ́ tó máa dé. Mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì ni mo fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sí, mo sì fi ₦400,000 sílẹ̀ nínú àkáǹtì lásán, tí mo lè fi dá ọjà dúró lálẹ́ tí fóònù bá dún.