Páàdì Blútúùtù àbí páàdì onímágínẹ́ẹ̀tì?

Bí agbábọ́ọ̀lù rẹ nínú géèmù bá ń dá sáré lọ sápá òsì láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan igi páàdì, ó ti tó kó o pààrọ̀ páàdì rẹ. Méjì ni mo máa ń fi wéra fáwọn ọmọ LAUTECH tí wọ́n bá bi mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí.

Páàdì PS4 ń lo Blútúùtù, ó sì ń bá PS4, fóònù àti láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́. Bátìrì rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí 8 lọ; tí NEPA bá múná lọ, ẹ wá nǹkan ṣe. Àléébù gidi wà nínú igi rẹ̀: irin kékeré kan ló ń ha ara kábọ́ọ̀nù, bí kábọ́ọ̀nù yẹn bá sì ti jẹ, igi á máa dá rìn.

Nínú èyí tí wọ́n kọ "Hall Effect" sí lára páálí, mágínẹ́ẹ̀tì ni páàdì fi ń mọ ibi tí igi wà. Kò sóhun tó ń ha ara wọn, kì í tètè bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní yúésíbì 2.4 GHz tí a ń kì bọ láptọ́ọ̀pù. Má sọ ọ́ nù o. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù kì í bá PS4 ṣiṣẹ́.

Láptọ́ọ̀pù lo fi ń gbá géèmù? Onímágínẹ́ẹ̀tì ni kó o rà. PS4 ńkọ́? Páàdì tirẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n kó o tó sanwó, so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù oníWindows, tẹ `joy.cpl` síbi Search, tẹ Enter, ṣí Properties, kó o yí igi ká, kó o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí àmì àgbélébùú kò bá padà sáàárín, dá a padà fún wọn.