Ìkéde yàrá òfìfo: èwo ló sàn nínú méjèèjì?

Onílé kan ní Múṣin kọ ọ́ báyìí: “Yàrá kan wà, owó ọdún méjì, ẹni jẹ́jẹ́ là ń fẹ́.” Èkejì kọ: “Yàrá kan, ₦300,000 lọ́dún, owó ọdún kan là ń gbà. Èèyàn méjì ni kò gbọdọ̀ jù. Aago mọ́kànlá alẹ́ là ń ti géètì.”

Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, nítorí náà ti àkọ́kọ́ ti kọsẹ̀. “Ẹni jẹ́jẹ́” kò sì ní ìwọ̀n: ẹni jẹ́jẹ́ lè kó ẹbí márùn-ún wọlé, kí balùwẹ̀ àjọlò di ìjà láràárọ̀. Iye èèyàn tí èkejì kọ ló dènà ìyẹn. Àmọ́ kò dárúkọ owó àjẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì. Ibẹ̀ ni ayálégbé ti sábà ń pẹ̀yìn dà.